Ìbéèrè fún ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ tuntun: Fọláṣadé Adéwálé (Ògúndélé tẹ́lẹ̀), nọ́ńbà òṣìṣẹ́ 0417

6 oṣù Kọkànlá, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Àmójútó Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó wa. Èmi ni Fọláṣadé Adéwálé tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí yín títí di 31 oṣù Kẹjọ 2023. Fọláṣadé Ògúndélé ni mò ń jẹ́ nígbà náà, orúkọ yẹn lẹ sì máa bá nínú fáìlì mi. Mo ti rí iṣẹ́ tuntun. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà mí ní kí n gba ìwé lọ́dọ̀ yín tó máa jẹ́rìí pé mo bá yín ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí mo kúrò, àti ipò tí mo wà. Ìwé yẹn ni mo wá tọrọ.

1 oṣù Kejìlá 2025 ni wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé yín gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn kí ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kọkànlá tó parí, torí wọn kì í buwọ́ lu ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹnikẹ́ni kí àyẹ̀wò iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn tó parí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín, pàápàá bí ọdún ṣe ń lọ sópin yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè kọ̀wé, tí mo sì kó gbogbo ohun tí ẹ lè nílò pọ̀ sísàlẹ̀ kí ẹ má bàa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò, torí òun gan-an ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́. Àwọn tí agbanisíṣẹ́ tuntun gbéṣẹ́ àyẹ̀wò fún ti pe ẹ̀ka yín lórí fóònù. Ẹni tó gbé fóònù lọ́dọ̀ yín sọ fún wọn pé oṣù Kẹsàn-án 2018 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù Kejì 2018 ló sì wà nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀. Wọ́n wá kọ̀wé sí mi pé kí n ṣàlàyé ibi tí oṣù tó lé mẹ́fà náà ti wá. Ẹni tó dá wọn lóhùn ò purọ́, ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà ló kà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ò mọ̀ mí rí, bí ọjọ́ méjì ò bá sì bára mu, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé mo fi ọjọ́ kún ọjọ́.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kejì 2018 ni mo wọlé sọ́dọ̀ yín, pẹ̀lú kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́fà tí ilé-iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ fún mi. Nọ́ńbà C-118 ni mò ń lò nígbà yẹn. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún un, nígbà tó sì di ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹsàn-án 2018, ẹ sọ mí di òṣìṣẹ́ alákòókò kíkún, ẹ sì fún mi ní nọ́ńbà tuntun, 0417. Kò sí ọjọ́ iṣẹ́ kankan tó bọ́ sáàárín méjèèjì. Tábìlì kan náà ni mo jókòó sí, ọ̀gá kan náà ni mò ń jábọ̀ fún, àpò kan náà ni owó oṣù mi sì ti ń wá. Nọ́ńbà ló yí padà, kọ̀ǹpútà sì ń ka èkejì nìkan. Bí ẹ bá ṣí fáìlì tó jẹ́ bébà, ẹ máa rí kọ́ńtíráàtì náà lábẹ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ìpínrọ̀ kejì ìwé ìgbanisíṣẹ́ ọ̀hún sì dárúkọ 12 oṣù Kejì pé láti ọjọ́ yẹn ni wọn yóò ti máa ka ọdún iṣẹ́ mi. Mo ti ya méjèèjì, mo fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Bí ìyá wa tó ń tọ́jú yàrá fáìlì bá ṣì wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n á rántí, wọ́n sì mọ ibi tí fáìlì àwọn oníkọ́ńtíráàtì wà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ìwé náà sọ ọjọ́ méjèèjì, kó sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bó bá jẹ́ 3 oṣù Kẹsàn-án nìkan ló wà níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yóò sọ mí di òpùrọ́ lójú àwọn tó ń kà á. Bó bá sì jẹ́ 12 oṣù Kejì nìkan, yóò tún ta ko ohun tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu yín lórí fóònù. Kí méjèèjì jọ wà lójú ìwé kan náà ló lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ipò mi ò le tó ìyẹn. Akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ni mo jẹ́ títí di 31 oṣù Kẹta 2021. Láti 1 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, mo di alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí, ipò yẹn ni mo sì wà títí mo fi kúrò. Èmi ni mo kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ fúnra mi ní 31 oṣù Keje 2023, mo sì ṣiṣẹ́ oṣù kan tí àdéhùn wa ní kí n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ pé pérépéré. Mo dá káàdì àti kọ́kọ́rọ́ padà, a jọ ka ẹrù pẹ̀lú ẹni tó gba ipò mi, gbogbo ẹ̀ka sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé mi ò jẹ ilé-iṣẹ́ ní gbèsè kankan. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà wà nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́.

Kó lè rọ̀ yín lọ́rùn, mo ti kọ ohun tí ìwé náà lè sọ. Ẹ lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bí ó ṣe bá ìlànà yín mu, kí ọjọ́ àti ipò ṣáà ti wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe rí:

"Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn,

A fi ìwé yìí jẹ́rìí pé Fọláṣadé Adéwálé, tí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ wa jẹ́ Fọláṣadé Ògúndélé, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wa láti 12 oṣù Kejì 2018 sí 31 oṣù Kẹjọ 2023, láìdáwọ́ dúró. Ó wà lórí kọ́ńtíráàtì pẹ̀lú nọ́ńbà C-118 títí di ìgbà tí a gbà á ní òṣìṣẹ́ alákòókò kíkún ní 3 oṣù Kẹsàn-án 2018 pẹ̀lú nọ́ńbà 0417. Ó jẹ́ akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí títí di 31 oṣù Kẹta 2021, ó sì jẹ́ alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí láti 1 oṣù Kẹrin 2021 títí tó fi kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ṣe gbogbo ètò tó yẹ kó tó lọ. Òun ló ní kí a kọ ìwé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ àlàyé síwájú sí i lè kàn sí Ẹ̀ka Àmójútó Òṣìṣẹ́."

Lórí bébà tó ní orúkọ àti àmì ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, ìbuwọ́lù, orúkọ àti ipò ẹni tó buwọ́ lù ú, òǹtẹ̀ ẹ̀ka yín, àti nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì tí wọ́n lè pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé nọ́ńbà náà, torí wọ́n sọ pé àwọn máa ń dá ìwé tí kò bá ní in padà.

Mi ò béèrè fún ìwé tó ń sọ̀rọ̀ ìwà mi tàbí bí mo ṣe mọṣẹ́ sí. Ọ̀gá mi àtijọ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ti gbà láti kọ ìyẹn lọ́tọ̀. Wọn ò sì béèrè iye owó oṣù mi, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Mo fún yín láṣẹ láti sọ orúkọ mi méjèèjì, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ mi méjèèjì, ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́, irú òṣìṣẹ́ tí mo jẹ́, ipò mi, àti bí mo ṣe kúrò, fún agbanisíṣẹ́ tuntun àti àwọn tó ń bá a ṣàyẹ̀wò. Àṣẹ náà ò kọjá ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé òun fẹ́ mọ̀ nípa owó mi, ìlera mi tàbí ẹbí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí ná. Mo ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ náà lọ́tọ̀, ó wà lára ohun tí mo fi ránṣẹ́.

Wọn ò ní gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Láti ímeèlì ọ́fíìsì yín ló gbọ́dọ̀ ti lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ní fáìlì PDF. Ímeèlì wọn àti nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ mi wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi, ẹ̀dà rẹ̀ ló wà lókè nínú gbogbo ìwé tí mo so mọ́ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí èmi náà sí ímeèlì tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ tẹ ẹ̀dà kan sí bébà fún mi, màá wá gbà á fúnra mi lọ́jọ́ tí ẹ bá dá.

Nítorí orúkọ tó yí padà, mo fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti káàdì ìdánimọ̀ mi tuntun ránṣẹ́. Ìwé ìgbéga 2021, ẹ̀dà ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi pẹ̀lú èsì tí ẹ fún mi pé ẹ ti gbà á, àti ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Ìwé owó oṣù yẹn wà fún ẹ̀yin nìkan, kí ẹ lè fi dá mi mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọ́dọ̀ bá ìwé ẹ̀rí náà lọ.

Bí fọ́ọ̀mù kan bá wà tí ẹni tó bá fẹ́ irú ìwé yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún, tàbí owó kan tó gbọ́dọ̀ san, ẹ fi tó mi létí, màá ṣe é lọ́jọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ báyìí nísinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ ẹni náà. Nọ́ńbà fóònù mi tó wà nínú fáìlì ò tíì yí padà. Ẹ lè pè mí nígbàkigbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré ni ẹ fẹ́ bi mí. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di 13 oṣù Kọkànlá, màá pe ọ́fíìsì yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí ìyọlẹ́nu, iṣẹ́ yìí jẹ mí lógún gan-an ni.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe níbi tuntun yìí, mi ò sì lè gbàgbé. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn ará ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ púpọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Fọláṣadé Adéwálé
(Fọláṣadé Ògúndélé tẹ́lẹ̀)
Alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ 0417