Èsì sí "Òkéè"

Ìyá Ìbejì, mo rí "Òkéè" tí o fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Mo kọ èsì kan nígbà yẹn, mo sì pa á rẹ́, torí inú ṣì ń bí èmi náà. Mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi rí ṣókí báyẹn. Bí kò bá tíì wù ọ́ láti sọ̀rọ̀, kò burú. O ò nílò láti fèsì sí gbogbo èyí lónìí.

Owó àjọ yẹn, àwa méjèèjì la jọ ń dá a. Mo mú 80,000 náírà níbẹ̀ fún àbúrò mi, mi ò sọ fún ọ, àfìgbà tí àláàtì báńkì dún lórí fóònù rẹ lo tó mọ̀. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Mo tún gé fóònù mọ́ ọ lẹ́nu lálẹ́ Mọ́ńdè. Má bínú sí méjèèjì. Mi ò kábàámọ̀ pé mo ràn án lọ́wọ́ o: ẹ́ńjìnnì Mícrà rẹ̀ ló kọṣẹ́, ọkọ̀ yẹn ló sì fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ mú un wá. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́, o lè ní ká fún un ní 100,000.

Ohun tó dun èmi náà ni pé o sọ ọ́ létí àwọn ọmọ pé bàbá wọn kì í ro tilé. Kẹ́hìndé bi mí lánàá bóyá àwọn ò ní lọ sílé ìwé mọ́. Mi ò sọ èyí kí tèmi lè fúyẹ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni. Owó ilé ìwé wọn pé, mi ò fọwọ́ kàn án.

Àbúrò mi máa dá owó náà padà ní 20,000 lóṣooṣù. Inú àkáǹtì àjọ ni mo ní kó máa san án sí, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, màá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta. Tí mo bá ti sọ̀ ní Moníyà, ilé tààrà ni. Tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ká jókòó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ Sátidé ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, màá dúró.

Ẹ̀yìn ìyẹn, Táíwò ní bàtà ilé ìwé òun ti já. Mò ń gba Òyìngbò kọjá lọ́la. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di nọ́ńbà mélòó báyìí? Nọ́ńbà yẹn nìkan ti tó, o ò ní láti kọ nǹkan míì.