Lẹ́tà sí Alákòóso Ẹ̀ka Báńkì: Ẹ bá mi ṣí ọ̀nà àkáǹtì mi orí ayélujára tó tì pa

Ṣọ́ọ̀bù Aláró,
Ọjà Ìtòkú,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Alákòóso Ẹ̀ka,
Ẹ̀ka Báńkì ti Òkè-Ìlèwó,
Abẹ́òkúta.

Alàgbà,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ ṢÍ Ọ̀NÀ ÀKÁǸTÌ MI LÓRÍ FÓÒNÙ ÀTI AYÉLUJÁRA, KÍ Ẹ SÌ YỌ NỌ́ŃBÀ FÓÒNÙ ÀTIJỌ́ KÚRÒ LÓRÍ RẸ̀

Èmi, Mọrónkẹ́ Alábí, ni mo ni àkáǹtì ìfowópamọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4172, èyí tí mo ṣí ní ẹ̀ka yín yìí gan-an ní ọdún 2016. Mo ń kọ lẹ́tà yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi ṣí ọ̀nà tí mo ń gbà lo àkáǹtì náà lórí fóònù àti ayélujára, tó tì pa láti Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10, oṣù yìí, lẹ́yìn tí mo gbìyànjú léraléra láti wọlé tí kò gbà mí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ṣáájú: ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà fóònù mi àtijọ́ kúrò, nítorí bí ẹ bá ṣí ọ̀nà náà láìyọ ọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ owó mi máa bọ́ sí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ aró ni mo ń ṣe. Ẹ̀lú àti sódà tí a fi ń po aró ti jẹ orí ìka mi dan, débi pé fóònù kì í dá ìtẹ̀ka mi mọ̀, ọ̀rọ̀ ìwọlé tí mo ń tẹ̀ fúnra mi ni mo fi ń ṣí áàpù yín láti ọjọ́ yìí wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi bọ́ sínú ìkòkò aró, mo sì ra òmíràn. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9, mo fẹ́ fi ₦186,000 ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta aṣọ funfun fún mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó rí i pé fóònù tuntun yìí máa ń sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di lẹ́tà ńlá fúnra rẹ̀, n kò sì lè mọ̀, torí àmì dúdú róbótó ló ń fi bo ohun tí mo bá tẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi kọ̀ǹpútà ọmọ mi gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ọkàn mi ti dàrú nígbà náà, mo rò pé bóyá ọ̀rọ̀ ìwọlé ti tẹ́lẹ̀ ni mo yẹ kí n lò. Bó ṣe tì pa nìyẹn. Gbogbo ìgbìyànjú tèmi jẹ́ márùn-ún. Bí àkọsílẹ̀ yín bá fi hàn pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó lé kì í ṣe èmi, mo sì fẹ́ kí ẹ sọ fún mi.

N kò bínú pé ẹ̀rọ yín tì í. Bí olè ló ń tẹ̀ ẹ́ ni, mo máa dúpẹ́ pé ó tì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun, ó ní òun ti fi kóòdù OTP ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó parí sí 63. Nọ́ńbà yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi láti ọdún 2022, nígbà tí wọ́n já fóònù náà gbà lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀ Èkó. Orúkọ ọkọ mi tó ti dolóògbé la fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀, nítorí náà n kò rí i gbà padà. Mo wá sí ẹ̀ka yín ní ọdún 2023, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kí ẹ fi èyí tó parí sí 58 rọ́pò rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni àláàtì mi ti ń wọlé sórí 58. Mo gbà pé gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Kò yí padà. Àláàtì nìkan ló yí, nọ́ńbà tó wà fún ayélujára ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì náà, mo fi fóònù ọmọ mi pe 63, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló sì gbé e. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹnìkan pè mí, ó ní láti báńkì lòún ti ń pè, ó ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tó wà lójú káàdì ATM mi fún òun kí òun lè bá mi ṣí i. N kò kà á. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ bí ìpè náà ṣe bọ́ sí àkókò yìí kò tù mí lára.

Ní àná, Ọjọ́ Ajé, mo wá sí ẹ̀ka yín, mo tò fún bíi wákàtí méjì. Òṣìṣẹ́ yín ní kí n gbé ìka lé ẹ̀rọ láti fi BVN mi dá mi mọ̀, mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀rọ náà kò gbà á. Ó wá ní kí n máa lọ, kí n padà wá tí ìka mi bá ti sàn. Alàgbà, ìka mi kì í ṣàìsàn, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ló wà lára rẹ̀. Àwòrán ojú mi wà nínú àkọsílẹ̀ BVN, ìbuwọ́lùwé mi sì wà lórí fọ́ọ̀mù tí mo fi ṣí àkáǹtì. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àwọn yẹn dá mi mọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé èmi ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà tó parí sí 58 rọ́pò 63 níbi gbogbo tó bá ti wà, ẹ yọ fóònù tó bọ́ sínú aró kúrò lára àwọn fóònù tí àkáǹtì mi mọ̀, kí ẹ tó wá ṣí ọ̀nà náà, kí n lè yan ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun fúnra mi níwájú yín. Ẹ tún bá mi wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ti lo kóòdù tó lọ sórí 63 ní Ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára nítorí pé ẹni tó ń ta aṣọ funfun fún mi kò ní fi ọjà mi pamọ́ ju Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17 lọ. Ọgọ́ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo gbà fún ìgbéyàwó tó máa wáyé ní ọjọ́ 1, oṣù Bélú, àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò sì ṣe é fi ìkánjú ṣe: a ó fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí i lára, a ó sá a títí yóò fi gbẹ, a ó wá máa rì í bọ aró léraléra kí àwọ̀ tó mú.

Mo fi ẹ̀dà ìwé NIN mi, ẹ̀dà káàdì ìdìbò mi, àti ìwé ìbúra tí mo gbà ní kóòtù nípa síìmù tó sọnù mọ́ lẹ́tà yìí. N kò kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tàbí PIN kankan síbí, n kò sì ní sọ ọ́ fún ẹni tó bá pè mí. Mo máa wà ní ẹ̀ka yín ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16, pẹ̀lú ojúlówó gbogbo ìwé wọ̀nyí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n mú nǹkan mìíràn dání, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí 58 ṣáájú ìgbà náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mọrónkẹ́ Alábí (Ìyáàfin)