Ìdí tí fídíò aṣọ ipò wa kò fi tíì jáde síta

Ẹ̀gbọ́n Dáre,

Òkun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú sùúrù. Mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé líǹkì fídíò wa ń sọ fún yín pé “This video is private”, àti pé ẹ ti ṣèlérí fún àwọn ará Kàbà pé wọn yóò wò ó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Láti alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè tí mo ti gbé e sórí Yutúùbù ni ó ti yẹ kí n ṣàlàyé fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí.

Kò sí àbùkù kankan nínú iṣẹ́ yín. Ibi tí kámẹ́rà yín ti dúró jẹ́ẹ́ lórí ọwọ́ Màmá, nígbà tí wọ́n jókòó síwájú òfì olóòró tí wọ́n ń fi igi pẹlẹbẹ gbá òwú pupa náà wálẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti yà láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó dá wa dúró ni ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 11:25 títí dé 13:10, níbi tí Màmá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ṣí àpótí, tí wọ́n tú aṣọ ipò tí wọ́n lò níbi ìsìnkú bàbá ilé wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń dárúkọ àwọn tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i nínú ẹbí. Ìyàwó ọmọ wọn jókòó lẹ́yìn wọn nígbà náà, ó ń fún ọmọ lọ́mú, a kò sì bi í bóyá ó fẹ́ kí a yà á.

Ní ọjọ́ Àìkú, kí n tó gbé e sókè, mo lọ sí Búnú láti fi iṣẹ́ náà han Màmá lórí fóònù mi. Wọ́n ń wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín títí ó fi kan aṣọ náà, ni wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù, wọ́n ní, “Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ní kí ẹ yà. Aṣọ yìí, ti gbogbo ilé ni. Ẹ jẹ́ kí dáwódù mi rí i ná.” Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ipò kì í ṣe aṣọ ọjà láàárín àwa ará Búnú. Lọ́jọ́ Sátidé ni ọmọkùnrin wọn yóò dé láti Lọ́kọ́ja, èmi fúnra mi yóò sì bá wọn jókòó wò ó.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí n kò fi sí i sí “Unlisted”. Ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá tẹ̀ lọ́wọ́ ni ó lè wo irú fídíò bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá sì jù ú sínú ẹgbẹ́ Wasáàpù kan péré, a kò ní lè mọ ibi tí yóò dé mọ́. N kò sì fẹ́ kí a gbé e síta ká tó máa gé e, nítorí pé ìgé tí a bá ṣe nínú Yutúùbù lè gba wákàtí díẹ̀ kí ó tó parí, ti àtẹ̀yìnwá náà ni àwọn ènìyàn yóò sì máa wò ní gbogbo àkókò yẹn.

Ọ̀ràn kékeré kan tún wà: orin tí ń kọ láti inú rédíò àgbàlá ti mú kí Yutúùbù sọ pé ẹlòmíràn ni ó ni ín. Mo gbìyànjú láti yọ orin náà nìkan, ṣùgbọ́n ó ba ohùn Màmá jẹ́. Bí ẹ bá ṣì ní ohùn tí ẹ gbà pẹ̀lú máìkì kékeré tí a so mọ́ ìró wọn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ Fúráìdeè tó ṣú. Fídíò tuntun ni n óò gbé sókè nígbà náà, nítorí pé a kò lè fi fáìlì mìíràn rọ́pò èyí lórí líǹkì kan náà. Nítorí náà, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní líǹkì tí ó wà lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ̀yin fúnra yín lè wo èyí tí ó wà níbẹ̀, ẹ fi àdírẹ́sì jímeèlì tí ó wà lórí fóònù yín gan-an ránṣẹ́ sí mi. Ti ilé iṣẹ́ yín ni mo ti fi sí “Share privately”, ó sì dàbí ẹni pé kì í ṣe òun ni ẹ fi ń wo Yutúùbù. Ẹ kò ní lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò tí ó bá wà ní “Private”, nítorí náà ẹ fi àkíyèsí yín ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí ó kàn síwájú rẹ̀.

Bí ẹbí bá gbà, gbogbo rẹ̀ yóò jáde. Bí wọn kò bá gbà, n óò gé ibẹ̀ kúrò láìjiyàn, n óò sì pè yín láti ilé Màmá kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Èmi ni àbúrò yín,
Fúnmi