Kòkòrò Ajàgbàdo àti Ajílẹ̀: Fún Òṣìṣẹ́ Tó Ń Bẹ Àgbẹ̀ Wò Lóko
Ní 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kófìrí kòkòrò ajàgbàdo yìí, tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, ní Nàìjíríà. Ẹ la ọkàn ewé àgbàdo wò: bí ẹ bá rí ìgbẹ́ tó dà bí èérún igi tí ayùn rẹ́, ó ti wà níbẹ̀. Àmì Y tó dorí kodò wà níwájú orí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n fín oògùn, nígbà tó bá jáde wá jẹun; bó bá ti wọnú ọmọ àgbàdo, owó ṣòfò nìyẹn. Lóko kékeré, kí wọ́n fọwọ́ ṣà á pa.

Ní ti ajílẹ̀, NPK 15-15-15 ni ti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n gbin àgbàdo. Yúríà, ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà. Kó jìnnà díẹ̀ sí ìdí àgbàdo, kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ bò ó. Yúríà tó wà lórí ilẹ̀ gbalasa, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ.