Àlàyé Owó Oṣù Kẹsàn-án 2025 fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́ Àjẹṣẹ́kù Wa, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ìwọlé síkúùlù. Èmi akápò yín ni. Ìwé tí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ̀ jáde ti dé ọwọ́ yín, àwọn kan sì ti pè mí pé kí ló dé tí àwọ̀ pupa, tó ń fi ibi tí owó ò ti lọ bí a ṣe rò hàn, pọ̀ tó báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ká tó lọ jìnnà, ₦1,716,000 tẹ́ ẹ fi pamọ́ lóṣù yìí kì í ṣe owó tó wọlé fún ẹgbẹ́ o, owó yín ni, ẹgbẹ́ ló jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Owó tó wọlé gan-an ni èlé orí ẹ̀yáwó, èrè ìrẹsì àti owó ìtanràn. ₦600,000 la fojú sí, ₦585,000 ló wọlé. Ìnáwó, ₦180,000 la ní a máa ná, ₦218,000 la ná. Èrè tó yẹ kó jẹ́ ₦420,000 wá di ₦367,000, ó fi ₦53,000 dín.

Èlé ló dùn mí jù. ₦420,000 la retí, ₦356,500 la rí. Kọ̀ǹpútà tiẹ̀ kọ́kọ́ kọ ₦328,500, ọkàn mi ò gbà á, mo bá tẹ ìwé báǹkì jáde, mo mú báírò, mo ń fa ìlà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú, àfi bí mo ṣe kan ₦28,000 kan tí wọ́n kọ `TRF/FOR MAMA` sí. Ọmọ ló bá ìyá rẹ̀ san èlé, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sára owó ni sọ́fúwíà ń kà, kò rí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀, ló bá jù ú sínú owó ìpamọ́. Ìyá náà fi rìsíìtì hàn mí lórí fóònù wọn, mo ti tún un ṣe.

Ó wá ku ₦63,500 tí a ò rí. ₦41,000 nínú ẹ̀ ò sọnù, ó kàn pẹ́ ni: ẹni 13 ni ò tíì san, 9 lára wọn ló ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé inú oṣù Kẹwàá ni kòkó ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde dáadáa, owó síkúùlù ti gba tọwọ́ wọn kó tó dìgbà yẹn. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan. ₦22,500 tó kù ò ní padà wá ní tiẹ̀, torí àwọn tó yáwó ò tó iye tí a rò.

Ìrẹsì ni kọ̀ǹpútà kùn ní gírìnì, torí ó ju ohun tí a fojú sí lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rọra yọ̀ o. Àpò 50 la ní a máa tà, 62 la tà, ₦3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦186,000, ó fi ₦36,000 lé. Ẹ wá wo owó mọ́tò, ₦40,000 ti di ₦62,000, kọ̀ǹpútà sì kùn ún ní pupa bíi pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Àpò 12 tó lé gba ₦9,600 ní ₦800 àtijọ́, dírẹ́bà tún wá fi ₦200 lé orí àpò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦12,400. Tẹ́ ẹ bá yọ ₦22,000 yìí kúrò, ₦14,000 péré ni ìrẹsì fi lé.

Owó ìtanràn náà ń ṣe gírìnì, ₦42,500 dípò ₦30,000, inú mi ò dùn sí i rárá, torí ara àwọn tó pẹ́ sanwó náà ló ti jáde. Owó ẹ̀dùn ni.

Jẹnẹrétọ̀ gba ₦47,200 dípò ₦30,000, ọ̀sẹ̀ méjì ni ò fi sí iná ládùúgbò ọ́fíìsì, a ò sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wá gbowó. Owó báǹkì àti dátà fi ₦1,200 dín, ₦13,800 la san. Owó ilé ₦25,000 àti owó akọ̀wé ₦70,000 ò yí padà.

Ní ìpàdé Sátidé 11 oṣù Kẹwàá, mo máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ jẹ́ ká sún ọjọ́ ìsanwó àwọn olóko kòkó síwájú láìsí ìtanràn, ká sì kọ owó mọ́tò sí ₦1,000 lórí àpò nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun. Tẹ́ ẹ bá sì ń fowó ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ bóyá èlé ni àbí ìpamọ́. Ìwé báǹkì tí mo fa ìlà sí wà lórí tábìlì mi, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá.