Sí Bùkọ́lá, bí ìsinmi ìbímọ ṣe bẹ̀rẹ̀

Bùkọ́lá, àbúrò mi àtàtà,

O kú ìmúra, o sì kú ẹrù. Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lánàá, ṣùgbọ́n nídìí ìkọ́kọrẹ́ tí Alága gbé wá, ariwo ti pọ̀ jù, gbogbo èèyàn ló sì fẹ́ gbàdúrà sí ọ lórí. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ ránṣẹ́, kí o lè rí i kà nígbà tí ara bá rọ̀ ọ́.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé "a ó máa rántí rẹ", bíi pé o ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo rí i pé ojú rẹ yí padà díẹ̀. Jọ̀wọ́, má gba ìyẹn sọ́kàn. Ìsinmi lo ń lọ, o sì ń padà bọ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n gbé wá láti ẹ̀ka Ìjẹ̀bú-Igbó, adelé ni. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fún un sì sọ ọjọ́ tó máa padà sí ibi tó ti wá. Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ rẹ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò kó ohunkóhun kúrò níbẹ̀, títí dórí ìwé àdúrà rẹ.

Oṣù 6 tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí yìí dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ọ̀sẹ̀ 12 ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa là sílẹ̀, 6 kí obìnrin tó kúnlẹ̀, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo ti bímọ mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, oorun ṣì ń kun ìyá ìkókó lójú, ọmú ṣì ń kún un láyà. Torí náà, lo gbogbo rẹ̀ pé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ nítorí lẹ́jà tàbí owó tí kò bára mu, sọ fún un pé kó pe Àǹtí Fúnkẹ́. Mo ti sọ fún wọn pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá eléèlùbọ́ láti Òkè-Ajé. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń fi ọ̀rá méjì wé káàdì rẹ̀, tí kì í fún ẹlòmíràn àfi ìwọ. Ó dé lọ́jọ́bọ̀ nígbà tí o wà ní ọsibítù. Nígbà tí mo sọ fún un pé o fẹ́ lọ sinmi, ó dákẹ́, ó wá bi mí pé, "Ṣé yóò padà wá bẹ́ẹ̀?" Mo ní yóò padà wá, màmá. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, mo tún dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ló tó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó bébà kan, ó tẹ́ ẹ dáadáa lórí tábìlì rẹ, ó ní owó ọṣẹ ni. Ó wà nínú àpòòwé kékeré tí mo fi sínú báàgì rẹ. Lẹ́yìn náà ló tó gbé káàdì rẹ̀ fún mi. Bí àwọn oníbàárà ṣe mọ iṣẹ́ rẹ nìyẹn, kò sí adelé tó lè gba ipò náà.

Nígbà tí o bá padà dé, òfin kan náà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààyè ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lásìkò iṣẹ́. Mo ti bá Alága sọ ọ́. A ó kó fáìlì àtijọ́ kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn, a ó fi kọ́tìnnì sí ojú fèrèsé, a ó gbé àga tó ní ìgbọ́wọ́lé síbẹ̀. Má jẹ́ kí ìtìjú dí ọ lọ́wọ́ láti lò ó.

Aṣọ Ojúde Ọba ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Ohun tí ojú kò tíì rí, mi ò ní fẹnu bà á, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n ra ọ̀pá kan lé e.

Jẹun, sùn, má gbé ohun tó wúwo. Jẹ́ kí màmá rẹ wẹ ọmọ bó ṣe fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ìwọ gbájú mọ́ omi gbígbóná tìrẹ. Wẹ́rẹ́ ni Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Bí ó bá ti rọrùn, kí ọkọ rẹ pè mí, ìbáà jẹ́ òru. Ọjọ́ ìkómọ, gbogbo wa ni a ó wá.

Èmi ni,
Àǹtí Fúnkẹ́, tábìlì owó-yíyá