Ọjọ́ tí a máa wá tọ́ oúnjẹ ìgbéyàwó wò

Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ń lọ sè níbi ìnáwó kan ní Ọ̀yọ́ lánàá; mo gbà á ládùúrà pé ẹ ti délé láyọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àbúrò mi, àwa àtàwọn àna wa ti fẹnu kò. Sátidé, 24 Oṣù Kẹwàá 2026, la máa wá tọ́ oúnjẹ wò lọ́dọ̀ yín ní Mọ́kọ́lá. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ lẹ dá, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ìyá ọkọ ti ń bọ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sáré lójú títì. Ẹ jẹ́ ká fi sí agogo mọ́kànlá. Àwa mẹ́fà là ń bọ̀: ọkọ, ìyàwó, ìyá méjèèjì, bàbá wa àti èmi.

Ọjọ́ ìgbéyàwó ò yí padà, Sátidé 12 Oṣù Kejìlá náà ni. Iye àlejò ló yí. 300 la sọ níjọ́sí, ó ti di 350: 200 tiwa, 150 tàwọn àna wa. Ẹ tún bá wa ka àwọn onílù, àwọn ayàwòrán àtàwọn tó ń to gbọ̀ngán mọ́ ọn, èèyàn 25 ni wọ́n. Ó di 375. Mi ò fẹ́ kí ebi pa ẹni tó wá bá wa ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìtọ́wò, a fẹ́ jọ́lọ́ọ̀fù, ọ̀fàdà àti ayamáṣe, mọ́ínmọ́ín ewé (ẹlẹ́mìí méje tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an), àti àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Bàbá wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín iyọ̀ ọbẹ̀ tiwọn kù.

Àmàlà yìí ló jẹ mí lógún jù, mà. Nígbà ìgbéyàwó tèmi, àárọ̀ kùtù ni alásè tá a gbà ti rò ó sínú kúlà. Ìgbà tó fi máa dé iwájú bàbá mi lọ́sàn-án, ó ti gan. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn rọra bo àwo náà. Mo ń wò wọ́n látorí ìjókòó ìyàwó, ó sì ń dùn mí di òní. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa máa rò ó lẹ́yìn gbọ̀ngán, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń gbé e lọ. Kí tábìlì àwọn àgbà kọ́kọ́ rí tiwọn gbà. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí iye agbáwo náà lọ́jọ́ yẹn.

Agogo mẹ́wàá la máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, agogo kan ní gbọ̀ngán tó wà ní Jẹ́ríkò. Kí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní agogo kan ààbọ̀.

Ẹ bá wa ṣírò owó tuntun lórí 375 sílẹ̀. Bá a bá ti tọ́ oúnjẹ wò tán, a máa san ìdajì lójú ẹsẹ̀.

Bí agogo mọ́kànlá bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fún mi lésì kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kí n lè sọ fáwọn àna wa.

Ẹ ṣeun gan-an, mà.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó